Fọ́ọ̀mù kọ́ ló ń lé wọn

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ wa ń fún àwọn ọmọ Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì ní sikọ́láṣíìpù. 1,200 ló bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù, 640 fi ránṣẹ́, ìwé 480 pé, 240 wá sí ìdánwò ní Ìkòròdú, a pe 60 fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, a mú 20. Àwòrán àrọ tí a yà fi hàn pé ìdí fọ́ọ̀mù lèèyàn ti ń já bọ́ jù, 560. Ṣé ká gé fọ́ọ̀mù kúrú ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù yẹn. Ìpele àkọ́kọ́ ló lérò jù, ìdí nìyẹn tí iye tó lọ níbẹ̀ fi pọ̀ lójú yín. Gbogbo ìgbà ni mo ń rí àṣìṣe yìí, ó sì ń ná àwọn ẹgbẹ́ lówó. Iye tó kù ni kí ẹ fi wé iye tó wọ ìpele náà. Nínú Excel, bí iye wọn bá bẹ̀rẹ̀ láti B2, ẹ tẹ èyí sí C3, kí ẹ wá fà á wálẹ̀:

```
=B3/B2
```

Fọ́ọ̀mù á fún yín ní 53 nínú 100, ìwé 75, ìdánwò 50. Bẹ́ẹ̀, 1,200 yẹn gan-an kì í ṣe èèyàn 1,200. Nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́, ìlà 400 ló gbé nọ́ńbà fóònù tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀. Ó jọ pé nẹ́tíwọ̀kì já, ọmọ náà sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ wọ́n, ó ku 800. 640 nínú 800 jẹ́ 80 nínú 100.

Ní ti 60 àti 20, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín yọ àwọn tó kù. Ẹ kùn wọ́n ní àwọ̀ mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní jíjábọ́.

Ìdánwò nìkan ló ku. Ẹ pín in sí ìlú. Ọmọ Ìkòròdú 200 lẹ pè, 150 wá. Ẹ̀pẹ́ 140, 60 wá. Àgbádárìgì 140, 30 péré ló dé! Aago mẹ́jọ àárọ̀ lẹ sì fi ìdánwò sí. Ọmọ tó ń bọ̀ láti Àgbádárìgì ní láti la gbogbo Èkó já, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti gbọ́dọ̀ wà lójú títì, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò lè fi àwòrán nìkan búra pé ọ̀nà jíjìn ló fà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ fi pè wọ́n, ẹni tó bá sì ti lo 2442 láti dí ìlà rẹ̀ mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó lè má rí tiyín náà. Ẹ fóònù ogún nínú 110 ọmọ Àgbádárìgì tí kò wá, kí ẹ bi wọ́n bóyá ìpè dé ọwọ́ wọn. Bó bá dé, ẹ wá gbọ̀ngàn ìdánwò sí Àgbádárìgì lọ́hùn-ún. Bí kò bá dé, gbọ̀ngàn kò ní wúlò, ẹ máa fóònù wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.