Káàdì Kẹ́mísìrì: Átọ́ọ̀mù Tó Wúwo Kọ́ Ló Ń Tóbi

"Ẹ káàárọ̀ o, tíṣà. Ọmọ mi obìnrin ń múra Wáẹ́ẹ̀kì. Mo ra káàdì kẹ́mísìrì tí wọ́n ti tẹ̀ tán fún un, ó sì ti há gbogbo rẹ̀ sórí, àmọ́ bí wọ́n bá ti bi í pé átọ́ọ̀mù wo ló tóbi jù, ó máa ń ṣì í. Mo fẹ́ ká ṣe tiwa, káàdì kan fún ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, gbogbo 118. Kí ni ká kọ sí i?"

Màmá, ẹ má dán 118 wò. Nǹkan bí ogún káàdì ti tó. Ọmọ yín kò sì gbàgbé nǹkan kan. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló há, ohun náà ni kò dáa. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti dé kíláàsì mi rí. Wọ́n ya ọfà láti òsì sí ọ̀tún, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé bí átọ́ọ̀mù ṣe ń wúwo sí i ló ń tóbi sí i. Inú bí mi débi pé mo fa ọ̀kan ya, mo sì ní láti bẹ ọmọ tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká mú sódíọ́mù (Na) àti kílóríìnì (Cl). Ìlà kan náà ni wọ́n wà, ìlà kẹta. Sódíọ́mù ní pírótọ́ọ̀nù 11 láàárín rẹ̀, kílóríìnì ní 17, kílóríìnì ló sì wúwo jù. Síbẹ̀, láti àárín dé etí, sódíọ́mù tó nǹkan bí 186 píkómítà, kílóríìnì ò ju nǹkan bí 99 lọ. Èyí tó wúwo ló kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré tó ìdajì ìkejì rẹ̀.

Ẹ wo bí elẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn ṣe tò: 2, 8, 1 fún sódíọ́mù, 2, 8, 7 fún kílóríìnì. Ṣẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni àwọn méjèèjì ní, ìyẹn ìpele tí elẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé yí àárín ká. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́wàá tó wà nínú ló ń dí agbára àárín lọ́wọ́. Yọ 10 kúrò nínú 11, ó ku 1. Yọ 10 kúrò nínú 17, ó ku 7. Ìṣirò kíláàsì lásán nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ géérégé, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àárín kílóríìnì ń fa ti ìta mọ́ra gan-an ju ti sódíọ́mù lọ. Ìdí tó fi sún mọ́ra nìyẹn.

Ibi tí irọ́ yẹn ti rí ẹsẹ̀ dúró ni gúrúùpù, ìyẹn ìlà òòró. Lítíọ́mù 152, sódíọ́mù 186, potásíọ́mù 227: wọ́n ń wúwo sí i, wọ́n sì ń tóbi sí i. Àmọ́ ṣẹ́ẹ̀lì tuntun tó ń kún un ló fà á, kì í ṣe ìwúwo.

Nítorí náà, ẹ gé páálí, kí ẹ má ya ọfà kankan sí i. Iwájú káàdì: "Na àti Cl, èwo ló tóbi jù?" Ẹ̀yìn rẹ̀: iye pírótọ́ọ̀nù, iye ṣẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà ìdáhùn. Ẹ má kọ píkómítà sí i, ìwé ò dọ́gba lórí iye yẹn. Kó sọ ìdí jáde lẹ́nu kó tó yí káàdì padà. Bó bá sọ pé "torí ó wà lápá ọ̀tún," kò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ dá káàdì náà padà sínú èyí tí ẹ ó tún bi í lọ́la. Fún gúrúùpù 1, 2, 7 àti 0, káàdì kọ̀ọ̀kan tó: elẹ́kítírọ́ọ̀nù mélòó ló wà níta?

Káàdì méjì wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fò. Agbára tí a ó fi fa elẹ́kítírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ yọ lára átọ́ọ̀mù tó wà ní gáàsì máa ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sápá ọ̀tún, àmọ́ ó máa ń já lójijì: Na 496, Mg 738, Al 578 kJ/mol. Ṣẹ́ẹ̀lì kẹta pín sí 3s àti 3p. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù alumíníọ́mù tó gbẹ̀yìn wà ní 3p, tí agbára rẹ̀ ga ju 3s lọ, tí 3s sì tún ń dí i, ìyẹn ló fi rọrùn láti yọ. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ láàárín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (1012) àti imí-ọjọ́ (1000), nítorí pé nínú imí-ọjọ́, elẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì há mọ́ yàrá kan ṣoṣo, wọ́n sì ń ti ara wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ti dé ibi 3s àti 3p. Bí wọn ò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ fi káàdì méjèèjì yìí pamọ́ ná.

Ẹ má sì ṣe káàdì tó fi ìtóbi Cl wé ti ágọ́ọ̀nù. Ágọ́ọ̀nù kì í so mọ́ átọ́ọ̀mù mìíràn bí kílóríìnì ṣe ń ṣe, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n fi ń wọn tirẹ̀, iye méjèèjì ò sì ṣeé fi sórí òṣùwọ̀n kan náà.