Ẹni tá a jọ ń kàwé ló ní òun fẹ́ mi

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, lẹ́fẹ́lì 200 ni mo wà níbí ní Ìkòròdú. Ọmọkùnrin kan tá a jọ ń kàwé ní òun fẹ́ mi, èmi náà sì fẹ́ ẹ. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí kò fi ní da ìwé mi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi rú?”

Àbúrò mi, dá a lóhùn tó bá wù ẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra ẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ tímọ́tímọ́. Ẹni tí mo fẹ́ nígbà témi náà ń kàwé ní ká fi ṣe àṣírí. Ẹnu ẹlòmíì lọ̀rẹ́ mi ti gbọ́ ọ, ó sì dùn ún débi pé kò bá wa jókòó kàwé mọ́. Bí ẹgbẹ́ tá a fi ń kàwé lálaalẹ́ ká tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Sábó ṣe túká nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ìjà dé láàárín èmi àti ọ̀rẹ́kùnrin mi. Tẹ́ẹ̀sì kù ọ̀la, a wà lórí fóònù títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń bi mí ta ni mo bá rìn. Máàkì 30 ni tẹ́ẹ̀sì yẹn, 4 ni mo gbà. Mo sáré gba 33 nínú 70 nígbà ìdánwò, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 37: F. Ká ní mo gba 20 péré ní tẹ́ẹ̀sì, 53 ni ì bá jẹ́, ìyẹn C. Kóòsì yúníìtì 3 ni, C ì bá fún mi ní póìǹtì 9. Yúníìtì 20 ni mo ṣe ní sáà yẹn, torí náà 0.45 ló bọ́ lára GPA mi. Nígbà tí mo dé lẹ́fẹ́lì 300, àkókò kan náà ni wọ́n fi kárí-ófà yẹn àti kóòsì tuntun sí.

Mo lọ bá olùdámọ̀ràn wa nípa tẹ́ẹ̀sì yẹn. Kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní ìwé dókítà nìkan lòun mọ̀. Ìyá tó wà ní ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn ní kí n fi ọkùnrin sílẹ̀ títí n ó fi ṣe tán. Inú ṣì ń bí mi! Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ràn lọ́wọ́ rí?

Ẹ jọ ṣàdéhùn báyìí, kí ìjà kankan tó dé: tí wọ́n bá ti lẹ déètì tẹ́ẹ̀sì, ẹjọ́ yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ lálẹ́ di ẹ̀yìn tẹ́ẹ̀sì. Pa fóònù, sùn. Tí kò bá lè gba ìyẹn lónìí, kò ní gbà á nígbà tínú bá ń bí i.

Má sì buwọ́ lùwé fún un ní kíláàsì tí kò wá o. Tí wọ́n bá mú yín, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jẹ́jọ́. Má kó lọ sí yàrá ẹ̀ ní Odógunyàn náà.

Ẹgbẹ́ ìkàwé yín, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà, lákòókò tó wà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pín ara yín ní méjì-méjì fún iṣẹ́ láàbù, mú ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá ní èdè-àìyedè láàárín sáà, máàkì ẹ kò ní sí lọ́wọ́ ẹ̀. Nóòtì ẹ náà, kọ ọ́ fúnra ẹ, má fi gbogbo ẹ̀ sórí fóònù ẹ̀. Ọjọ́ tó o bá rí i pé ò ń dúró kó o mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ kó o tó lọ sí kíláàsì, nǹkan ti ń yí nìyẹn. Lọ láìdúró dè é.