Ewì nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn: ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí alẹ́ àkọ́kọ́

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n tún wá ṣe ewì nẹ́ẹ̀tì fáwọn aláboyún ní sẹ́ńtà àdúgbò wa. Mo ti ṣe "ẹ sùn sínú nẹ́ẹ̀tì" lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pàtẹ́wọ́, àmọ́ mo yà lọ́dọ̀ wọn, nẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú ọ̀rá. Kí ni kí n fi sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Tí "ibà burú" bá wà nínú ewì yín, ẹ yọ ọ́ kúrò ná, ta ni ò mọ̀ nínú wọn? Alẹ́ àkọ́kọ́ lọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́. Obìnrin kan lábúlé tí mo ti ṣiṣẹ́ rí gba nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, ó tú u nínú ọ̀rá lálẹ́, ó gbé e kọ́, òun àtọmọ wọ abẹ́ ẹ̀, kò pẹ́ tójú fi ń ta wọ́n bí ata, bílẹ̀ ṣe mọ́ ló lọ fi bo ebè ẹ̀fọ́, ó ní májèlé ni wọ́n fún òun. Oògùn ara nẹ́ẹ̀tì tuntun ló ń ta wọ́n. Ká ní ó sá a síbòji fún wákàtí 24 kó tó kọ́ ọ ni, ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kó yé wọn pé nẹ́ẹ̀tì yìí kì í ṣe kọ́tìnì lásán o, tí ẹ̀fọn bá bà lé e tó ń wá ibi tó máa gbà wọlé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa fi kan oògùn, á sì kú. Èyí tí mo máa ń lò rèé:

Òru lẹ̀fọn ibà ń jẹ,
Ibo lọmọ rẹ sùn sí?
Tú u lọ́ràá, má tíì kọ́ ọ,
Sá a síbòji dọ̀la.
Bó bá dalẹ́, so igun mẹ́rin,
Ki etí ẹ̀ sábẹ́ ẹní yíká.
Fa ọmọ mọ́ra, kápá ẹ̀ má kan nẹ́ẹ̀tì,
Ẹ̀fọn lè tìta ta á.

Ìlà méjì àkọ́kọ́ yẹn ni kí wọ́n máa gbè, ẹ má jẹ́ kó gùn jù, aláboyún ò lè dúró pẹ́.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ fi kún un, ẹ fi fífọ̀ sí i, torí mo ti rí èyí tí wọ́n rẹ sínú blíìṣì tí wọ́n sì sá sóòrùn gangan, ó funfun báláú, àmọ́ oògùn ti lọ. Omi tútù àtọṣẹ ìwẹ̀ ni, ẹ má bó o, ibòji náà lẹ tún máa sá a sí, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sì ti tó. Tó bá lujú, kí wọ́n fabẹ́rẹ́ rán an. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é yìí, ó lè lò tó ọdún mẹ́ta.

Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì kan àti ẹní lọ́wọ́ lọ, kí ìyá kan dìde wá ki etí ẹ̀ sábẹ́ ẹní níṣojú gbogbo wọn. Ibẹ̀ lẹnìkan ti máa ní ooru ń mú òun. Ẹ ní kó so ó sókè dáadáa kó má wó lù ú lójú, kó sì ṣí fèrèsé, ẹ̀fọn tó bá wọlé á bá nẹ́ẹ̀tì.