Ìwé àbúrò yín àti ìwé báǹkì: ibi tí ìyàtọ̀ ti ń wá, àti bí ẹ ṣe máa mú wọn bára mu

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń bá mi gba owó ilé n'Íbàdàn, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń san án sí báǹkì. Ní gbogbo ìparí oṣù, iye tí ìwé rẹ̀ sọ àti iye tí báǹkì sọ kì í jọra. Ọkọ mi ti ní olè ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Àǹtí mi, ẹ bá mi bẹ ọkọ yín kó ní sùúrù díẹ̀. Ìwé méjèèjì kì í sábà dọ́gba lọ́jọ́ tí oṣù parí, kódà lọ́wọ́ ẹni tí kì í fọwọ́ kan kọ́bọ̀ oníkọ́bọ̀. Èèyàn méjì ló ń kọ ìtàn owó kan náà, kálukú sì ń kọ ọ́ nígbà tó dé etí tirẹ̀. Ọjọ́ tí àbúrò yín bá fún èèyàn ní sọwédowó ló máa kọ ọ́ pé owó ti jáde, ṣùgbọ́n báǹkì kò ní mọ̀ títí ẹni náà yóò fi gbé e wá. Báǹkì náà á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àbúrò yín kò sì ní mọ̀ àfi tó bá rí sítétímẹ́ǹtì. Ìyàtọ̀ tó bá ní àlàyé kò léwu. Èyí tí kò bá ní àlàyé ni kí ẹ tọpinpin rẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fúnra yín gba sítétímẹ́ǹtì náà láti inú áàpù báǹkì, tàbí kí báǹkì fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ẹ má gba fọ́tò tí ẹnì kan yà lórí fóònù. Ẹ sì jẹ́ kó kọjá ìparí oṣù: bí ẹ bá fẹ́ yẹ oṣù kẹsàn-án wò, ẹ gbà á dé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá. Ọ̀sẹ̀ méjì àfikún yẹn ló máa dáhùn ìbéèrè ọkọ yín.

Ohun kan máa ń da èèyàn láàmú lójú ìwé báǹkì. Nínú ìwé owó bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé, apá Debit ni owó tó wọlé máa ń wà. Lórí sítétímẹ́ǹtì, abẹ́ Credit lẹ máa rí owó kan náà. Báǹkì kò ṣe àṣìṣe o. Ìwé tirẹ̀ ló ń kọ. Owó tí ẹ kó sọ́dọ̀ rẹ̀, gbèsè tó jẹ yín ni, torí náà bí owó yín bá wọlé, gbèsè ọrùn rẹ̀ ló pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi hàn yín. Àbúrò mi obìnrin ló ń bójú tó ilé mi l'Abẹ́òkúta, àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì la sì ń lò fún un. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án 2025 parí, ìwé rẹ̀ ní ₦1,412,318.25 ló kù nílẹ̀. Báǹkì ní ₦1,570,974.74. Owó báǹkì fi ₦158,656.49 ju ti ìwé lọ. Àwọn kan á dúpẹ́ pé owó lé, wọ́n á sì pa ìwé dé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí owó tó lé lónìí lè jẹ́ ti oníṣẹ́ tí kò tíì wá gbà á.

Mo kọ́kọ́ wo ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Iye méjèèjì dọ́gba lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, èyí fi hàn pé inú oṣù náà gan-an ni gbogbo ìyàtọ̀ ti wá. Bí tiyín kò bá dọ́gba níbẹ̀, ẹ padà sí oṣù tó ṣáájú ná, kí ẹ má baà máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mú bírò pupa. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àbúrò mi, mo wá èkejì rẹ̀ lórí sítétímẹ́ǹtì, mo sì fàmì sí méjèèjì. Bí ẹ bá rí owó tó jáde tó sì padà wọlé lọ́jọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì, tí wọ́n kọ REVERSAL tàbí RVSL sí i lára, tiránsífà tí kò dé ibi tó ń lọ ni. Ẹ fàmì sí méjèèjì, ẹ máa lọ.

Ìlà tí kò ní àmì ni iṣẹ́ wà. Ó ku méjì nínú ìwé àbúrò mi tí báǹkì kò ní. Ìkíní ni sọwédowó ₦180,000 tó kọ fún káfíńtà tó tún òrùlé ṣe, lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Èkejì ni ₦120,000 tí ayálégbé yàrá ẹ̀yìn kó wá fún un ní káàṣì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀n ọjọ́. Ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ìsinmi òmìnira, báǹkì kò ṣí, ni owó bá sùn sílé. Nígbà tí mo ṣí ojú ìwé oṣù kẹwàá, mo rí ₦120,000 lọ́jọ́ kejì oṣù, Ọjọ́bọ̀, mo sì rí sọwédowó káfíńtà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà. Méjèèjì kan pẹ́ dé ni.

Lápá báǹkì, ₦90,000 wọlé lọ́jọ́ kejìdínlógún tí àbúrò mi kò kọ rárá. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú ilé wa. A pe àwọn ayálégbé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá já sí pé àbúrò ọ̀kan nínú wọn ló bá a san owó ilé tààrà sí àkáǹtì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ayálégbé yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìwé gbèsè lọ́wọ́ wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó tí báǹkì yọ. Lọ́dún 2025, ẹni tó gba owó ni wọ́n ń yọ ₦50 lọ́wọ́ rẹ̀ bí tiránsífà tó wọlé bá tó ₦10,000. EMTL ni wọ́n ń kọ sí i. Mẹ́ta wọlé fún wa lóṣù yẹn, ó di ₦150. (Láti oṣù kìíní 2026, ọ̀dọ̀ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, torí náà ìgbà tí àbúrò yín bá sanwó fún oníṣẹ́ lẹ máa rí i báyìí.) Tiránsífà méjì ló jáde: ₦45,000, tí wọ́n yọ ₦25 lé lórí, àti ₦60,000, tí wọ́n yọ ₦50 lé lórí. Pẹ̀lú VAT, ó di ₦80.63. Kọ́rẹ́ǹtì sì ní owó ìtọ́jú àkáǹtì, náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan tó jáde. Pẹ̀lú VAT tirẹ̀, ₦112.88. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦343.51.

Èyí tó kẹ́yìn dùn mí díẹ̀, torí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó kun ilé fún wa gba ₦45,000 ní báǹkì, ìwé àbúrò mi sì ní ₦54,000. Ọkàn mi kọ́kọ́ sọ pé ó fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án sápò. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ ni mo rí i pé nọ́ńbà méjì ló gba ipò ara wọn. Ẹ rántí èyí: bí èèyàn bá kọ nọ́ńbà méjì ní ìdàkejì, ìyàtọ̀ rẹ̀ á máa pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù. Bí ẹ bá rí ìyàtọ̀ tó pín bẹ́ẹ̀, irú àṣìṣe yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí méjì, kí ẹ wò ó bóyá iye yẹn wà nínú ìwé, nítorí owó tó jáde tí wọ́n kọ bí ẹni pé ó wọlé máa ń dá ìyàtọ̀ ìlọ́po méjì sílẹ̀.

Ó wá ku kí á fi wọ́n wé ara wọn. Ohun tí báǹkì mọ̀ tí ìwé kò mọ̀, àti àṣìṣe ìwé, ìwé la fi wọ́n tún ṣe. Ohun tí ìwé mọ̀ tí báǹkì kò tíì mọ̀, iye báǹkì la fi wọ́n kún tàbí kí á yọ wọ́n nínú rẹ̀:

```
Ìwé:    1,412,318.25 + 90,000 + 9,000 - 343.51 = 1,510,974.74
Báǹkì:  1,570,974.74 + 120,000 - 180,000       = 1,510,974.74
```

Iye kan náà, dé orí kọ́bọ̀. Àbúrò mi wá kọ ìlà mẹ́ta tuntun sínú ìwé rẹ̀: ₦90,000 tó wọlé, ₦343.51 tí báǹkì yọ, àti àtúnṣe ₦9,000. Kò pa ₦54,000 rẹ́, kò sì fi ohunkóhun kùn ún. Sọwédowó káfíńtà àti ₦120,000 kò gba ìlà tuntun, wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ku ọgọ́rùn-ún náírà tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀, ẹ má dá "owó oríṣiríṣi" sílẹ̀ láti fi dí i. Ọgọ́rùn-ún yẹn lè jẹ́ ₦11,000 tó wọlé àti ₦10,900 tó jáde, tí méjèèjì fara pa mọ́ sẹ́yìn ara wọn.

Ní ti ọ̀rọ̀ olè tí ọkọ yín sọ, káàṣì tí ìwé ní ó ti wọlé tí kò tíì dé báǹkì ni kí ẹ dojú kọ. Sọwédowó lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó tiẹ̀ lè tó oṣù mẹ́fà kó tó di òkú. Ṣùgbọ́n káàṣì tí àbúrò yín gbà lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kò ní ìdí tí kò fi ní dé báǹkì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan sí méjì. Bí ẹ bá rí i pé ọjọ́ kẹwàá ló dé, ẹ béèrè. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ ní oṣooṣù, tí iye tó dé kò sì jọ ti ẹni tí wọ́n ní ó san án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó ayálégbé kan ni wọ́n ń fi dí ihò owó èkejì: ó ná owó ti oṣù yìí, ó wá fi ti ẹlòmíràn san án. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó san owó sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí owó dé báǹkì fún oṣù mẹ́ta, ẹ óò rí i bí ọjọ́ náà ṣe ń sún síwájú.

Ohun kan wà tí fífi ìwé méjèèjì wéra kò lè rí láéláé: káàṣì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ayálégbé, tí wọn kò kọ sínú ìwé, tí wọn kò sì san sí báǹkì. Àwọn ìwé méjèèjì á dọ́gba rẹ́gí, owó yín á sì ti lọ. Fún ìyẹn, ẹ ra ìwé rìsíìtì oní-méjì tó ní nọ́ńbà, kí àbúrò yín máa já ọ̀kan fún ayálégbé, kí èkejì máa wà nínú ìwé. Ní ìparí oṣù, ẹ pe ayálégbé méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n ka nọ́ńbà àti iye tó wà lórí rìsíìtì ọwọ́ wọn fún yín.