Ìwé òfin ìwà pé, ṣé ó tó?

"Ẹ̀yin àgbà, mo ń yẹ àyíká ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ kan wò ní Àpápá. Ìwé òfin ìwà wọn pé. Ṣé kí n kọ ọ́ pé ó dára?"

Ẹ má tíì kọ ọ́. COSO 2013, ìlànà fún ìṣàkóso inú ilé-iṣẹ́, ní ẹ̀ka márùn-ún. Àyíká ìṣàkóso, ìyẹn ìwà tí àwọn ọ̀gá fi lélẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun méjì ló ń béèrè nípa ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: ṣé ó wà, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́? Ìwé yẹn dáhùn ti àkọ́kọ́ nìkan.

Inú ẹ̀ka mẹ́rin yòókù lẹ ó ti rí èkejì. Ẹ mú fáúṣà 25. Ká ní ọ̀gá nìkan ló fọwọ́ sí 6 tó yẹ kí ẹni méjì fọwọ́ sí. Ẹ bi akáńtà ìdí tó fi sanwó. Tó bá ní "ta ni yóò bi ọ̀gá?", àyíká ló bàjẹ́, kì í ṣe fáúṣà. Ẹ wá wo bóyá àwọn olùyẹ̀wò inú ilé sọ fún ìgbìmọ̀ olùdarí.

Tó bá jẹ́ pé ẹnì kejì wà ní ìsinmi, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.