Egbò tí a rẹ sínú sódábì: ṣé oògùn ni àbí ọtí?

Ìbéèrè: Àfáà wa, àsàlámù àléékúmù. Kétu ni mò ń gbé, n kì í mutí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi, ìyá ọkọ mi ń fún mi ní egbò tí wọ́n rẹ sínú sódábì, kọ́ọ̀pù kékeré kan láràárọ̀, nítorí ẹ̀yìn tó ń ro mí. Kì í pa mí rárá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, dókítà rẹ̀ sì ní ọtí wà lára ohun tó ń fa àrùn náà. Ṣé ọtí ni èyí tí mò ń mu? Àwọn ìrun tí mo ti kí ńkọ́?

Ìdáhùn: Wàáléékúmù sálámù, arábìnrin mi. Kí Ọlọ́hun fún ẹ̀gbọ́n yín ní àlàáfíà.

Ọtí ni. Tọ́ríkì ọmọ Súwáídì bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, léèrè nípa ọtí, Ànábì sì kọ̀ ọ́ fún un. Ó ní oògùn lòún ń fi í ṣe. Ànábì dá a lóhùn pé kì í ṣe oògùn, àrùn ni. Inú ìwé Mùsìlímù ni hádíìsì yìí wà. Pé kì í pa yín kò sì yọ ọ́ kúrò nínú èèwọ̀, torí Ànábì tún sọ pé ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pa èèyàn, díẹ̀ rẹ̀ náà ti di èèwọ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ dókítà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ eléyìí: ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò fẹnu kan ọtí rí ló ní jẹjẹrẹ ọmú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ọ̀mùtí wo ẹ̀gbọ́n yín. Ohun tí dókítà ń sọ ni pé ọtí ń fi kún ewu àrùn náà. Láti ọdún 1988 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo kọ́ọ̀pù yín náà. Bí ó bá gba mìlílítà 30, tí sódábì náà sì le tó ìdá 40 nínú 100, ojúlówó ọtí tó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 10. Sódábì tí a ń ṣe nílé kò ní ìwọ̀n kan pàtó, ó lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíráàmù 10 lójúmọ́ ń fi nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú 100 kún ewu jẹjẹrẹ ọmú tí obìnrin ti ní tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin 100 ni 10 nínú wọn máa ní in, bí gbogbo wọn bá ń mu báyìí, iye náà á sún mọ́ 11. Ó dà bíi pé ó kéré. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti ní àrùn yìí, ewu tirẹ̀ ti tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíì kó tó gbé kọ́ọ̀pù. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ yín fi ká mi lára.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé ara ń sọ ọtí di májèlé kan tí à ń pè ní asetadẹ́háìdì. Májèlé yìí ń ba àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, àkọsílẹ̀ tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ìgbà tó yẹ kó pín àti ìgbà tó yẹ kó dúró. Sẹ́ẹ̀lì tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ lè máa pín láìdúró. Nínú obìnrin, ọtí tún ń mú kí họ́mọ́ọ̀nù ẹ́sírójìn pọ̀ sí i, èyí tó ń ti sẹ́ẹ̀lì ọmú láti máa pọ̀. Ní ẹnu àti ọ̀fun, àwọn kòkòrò tó ń gbé inú itọ́ gan-an ń ṣe májèlé náà níbi tí ọtí ti kọjá; ẹni tó bá ń fa sìgá pẹ̀lú rẹ̀, ewu méjèèjì ń di ìlọ́po ara wọn ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń gba ìyókù. Ọtí tó pọ̀ lọ́dún púpọ̀ á mú kó le gbandi, ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá lára ẹni tí kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ B ti wà lára rẹ̀, ó sì pọ̀ lápá ibí tiwa.

Mo mọ̀ pé ó ń mú ara yín gbóná, ẹ̀yìn á sì fúyẹ́ díẹ̀. Àlùkùránì náà ò sẹ́ pé àǹfààní wà nínú ọtí. Súrátù Bákárà, áyà 219, ló ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń sọ pé túláàsì ń sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́ ń sọ òótọ́, àmọ́ túláàsì kò sí níbí, torí omi lè se egbò. Kódà ẹ fi egbò náà han dókítà kẹ́ ẹ tó sè é, torí egbò mìíràn ń ṣe ẹ̀dọ̀ ní jàǹbá. Ẹ sọ ti ẹ̀gbọ́n yín fún un pẹ̀lú, kí wọ́n yẹ ọmú yín wò. Bí ẹ bá rí kókó, tàbí awọ ọmú tó ń sún kì, tàbí ẹ̀jẹ̀ lójú ọmú, ẹ má dúró de ìrora, torí kókó náà kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìrun yín, ẹ ò ní í dá wọn padà. Ọtí ò pa yín nígbà tí ẹ ń kí wọn, ẹ ò sì mọ̀ pé ó jẹ́ èèwọ̀. Ẹ túúbá, kí ẹ sì fi pẹ̀lẹ́ sọ fún ìyá ọkọ yín, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tó kù nínú ìgò, ẹ dà á nù. Ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni, títà rẹ̀ náà wà nínú èèwọ̀ yìí.