Lẹ́tà ẹ̀sùn sí báńkì: ibi tí ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ti dá mi lóró

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ ATM kan ní Adó-Èkìtì yọ 40,000 náírà nínú àkáǹtì bàbá mi, kò sì pọ owó kankan jáde. Bàbá fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ lẹ́tà sí báńkì ní Yorùbá, èmi ni wọ́n sì ní kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni a ó ṣe kọ ọ́ tí yóò fi le, tí kò sì ní jọ àrífín? Ṣé méjèèjì ni a ó jọ fi ránṣẹ́?”

Àbúrò mi, irú iṣẹ́ yìí gan-an ni ìyá mi gbé lé mi lọ́wọ́ ní Ìkọ̀lé ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Owó tí ó yẹ kí ó padà láàárín ọjọ́ méjì gbà wá ju oṣù kan lọ, bí mo bá sì ní kí n sọ òótọ́, ìdajì ẹ̀bi náà jẹ́ ti ìtumọ̀ tí mo ṣe. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi. Wọ́n lọ gba 20,000 náírà nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì mìíràn, nítorí ẹ̀rọ báńkì tiwọn kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ náà kùn fún ìgbà díẹ̀, ó dákẹ́, ó da káàdì padà, àtẹ̀jíṣẹ́ sì dún lórí fóònù wọn pé owó ti kúrò.

Pé báńkì tí ó ni káàdì ni a ń kọ̀wé sí, kì í ṣe èyí tí ó ni ẹ̀rọ, ìyẹn yóò ti yé ọ. Ní ọjọ́ kejì tí ìyá mi dé ibẹ̀, òṣìṣẹ́ kan tí kò tilẹ̀ gbé ojú sókè kúrò lára kọ̀ǹpútà sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ dúró fún wákàtí 24. Ẹni tí ó jókòó sí ìjókòó kejì ní ọjọ́ méje iṣẹ́ ni. Ẹ̀kẹta ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹnu mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kò sì sí èyí tí ó mú bírò nínú wọn. Ìgbà náà ni ìyá mi jókòó, tí wọ́n fi ọwọ́ olùkọ́ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan àti ààbọ̀, tí Yorùbá inú rẹ̀ dùn débi pé mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà ni ọjọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ lẹ́tà náà, wọ́n sì kọ ọ́ pé, “Ní ìjẹrin ni mo lọ gba owó.” Mo rí ẹrin nínú ọ̀rọ̀ náà, mo ka ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń kà á, mo dé ọjọ́ Àìkú, mo sì fi déètì ọjọ́ Àìkú síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwa Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn: Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kìn-ín-ní, Ọjọ́rú ni ìkejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìkẹta, ọjọ́ Ajé sì ni ìkẹrin. Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kọkànlá, ni ìyá mi ń wí. Èmi kọ 5. Báńkì dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, wọ́n wá fi ìlà méjì dá wa lóhùn pé àwọn kò rí ohun kankan lórí àkáǹtì náà ní ọjọ́ tí a dárúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ran arúgbó lọ́wọ́ ìbá wo ọjọ́ kejì rẹ̀, yóò sì rí 20,000 náírà níbẹ̀ tí ó ń wò ó lójú. Ṣùgbọ́n kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ, òun gan-an ni ó sì dùn mí jù. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí bàbá kọ ìjẹta, ìjẹrin tàbí ọ̀túnla sínú lẹ́tà yìí. Bí wọ́n bá sì fẹ́ dá ọjọ́ fún báńkì, tí wọ́n sọ pé òní ọjọ́ mẹ́jọ, rántí pé ọjọ́ méje péré ni Gẹ̀ẹ́sì yóò pè é. Orúkọ ọjọ́, déètì àti ọdún ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì wò ó láti inú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti orí.

Ìṣìnà mi kejì ni “wọ́n”. Ìyá mi kọ ọ́ pé, “Wọ́n yọ owó mi, mo lọ bá wọn, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.” Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé “wọ́n” àkọ́kọ́ kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, àti pé “wọ́n” ìkẹyìn jẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìyá mi ń bọ̀wọ̀ fún. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú arọ́pò orúkọ. Bí mo ti túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan, ó di pé àwọn ènìyàn kan kó owó ìyá mi, àwọn ènìyàn kan náà sì lé wọn jáde. Ọ̀gá ẹ̀ka náà pè mí, ó ní, “Ṣé olè lẹ ń pè wá ni?” Ojú tì mí. Ìyá mi kò sọ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú Yorùbá kí o tó dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Jẹ́ kí bàbá kọ “owó náà kúrò nínú àkáǹtì mi, ẹ̀rọ kò sì pọ owó jáde”, kí ó má ṣe sí ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn nínú gbólóhùn náà, kìkì ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá wà nínú ọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ “òṣìṣẹ́ kan”, kí wọ́n fi kún un pé obìnrin ni tàbí ọkùnrin, nítorí “ó” tiwa kò ní ìyàtọ̀ yẹn, Gẹ̀ẹ́sì sì máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Orúkọ tí báńkì ń pe irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Dispense Error; kọ ọ́ sí àkọlé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè dé ọwọ́ ẹni tí ó yẹ.

Ní ti pé kí ó le láìjọ àrífín, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹ̀bẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú tiwa. Ìyá mi kọ “ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú mi” ní ìgbà mẹ́ta, wọn kò sì dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ. Ní Yorùbá, ọmọlúàbí ni ìyẹn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó di ẹni tí ń tọrọ owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Èyí ni ohun tí àwa méjèèjì fi ẹnu kò lé lórí nígbẹ̀yìn, tí a kọ ní 4 Oṣù Kejìlá:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ni àkáǹtì tí nọ́ḿbà rẹ̀ wà lókè yìí. Ní ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kọkànlá, 2023, mo béèrè 20,000 náírà lẹ́nu ẹ̀rọ ATM báńkì mìíràn ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Owó náà kúrò nínú àkáǹtì mi, ẹ̀rọ kò sì pọ owó jáde. Ní ọjọ́ kejì, mo fi tó òṣìṣẹ́ obìnrin kan létí ní ẹ̀ka yín. Déètì tí ó wà nínú lẹ́tà mi àkọ́kọ́ kò tọ̀nà, mo sì tọrọ àforíjì fún ìyẹn. Mo fẹ́ kí owó náà padà sínú àkáǹtì mi kí ó tó di ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kejìlá, kí ẹ sì fún mi ní nọ́ḿbà tí n ó fi máa tọpa ẹ̀sùn yìí. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá láìsí ìdáhùn, n ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Ẹ ṣeun.”

Ìkíni kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ kan ní ìparí, kò sí òwe. Ọjọ́ mẹ́rìnlá tí a dárúkọ kì í ṣe ìhàlẹ̀, nítorí Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ní kí oníbàárà kọ́kọ́ fún báńkì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó kọ̀wé sí cpd@cbn.gov.ng. Ìtọ́sọ́nà wọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 8 Oṣù Kẹfà, 2020 sì sọ pé bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ti báńkì tìrẹ, ojú ẹsẹ̀ ni ó yẹ kí owó padà, bí ẹ̀rọ bá sì kọ̀, kí òṣìṣẹ́ dá a padà láàárín wákàtí 24. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ti báńkì mìíràn, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ. O kò sọ báńkì tí ó ni ẹ̀rọ tí bàbá lò. Wádìí rẹ̀ kí o tó fi wákàtí kankan sínú lẹ́tà.

Mo ti ń gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́tà kejì. A tún déètì ṣe ní 21 Oṣù Kọkànlá, a mú un lọ, òṣìṣẹ́ gbà á, ó fi í sábẹ́ fáìlì. Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n ní àwọn kò rí lẹ́tà kankan, kò sì sí ẹ̀rí lọ́wọ́ wa. Ẹ̀dà méjì ni kí o mú lọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tí ó ní déètì mọ́ èyí tí ẹ óò mú padà sílé, má sì kúrò níwájú wọn kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń yí ojú.

Kí o má sì kọ nọ́ḿbà ìkọ̀kọ̀ káàdì tàbí BVN síbẹ̀. Nọ́ḿbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lára káàdì ti tó. Bí ìwé kékeré kan bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, kọ nọ́ḿbà tí ó wà níwájú RRN, èyí tí báńkì fi ń wá ìṣẹ̀lẹ̀ náà rí, sínú lẹ́tà, kí o sì ya fọ́tò ìwé náà kíákíá, nítorí yíǹkì rẹ̀ a máa parẹ́.

Méjèèjì ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó wà lókè, Yorùbá lábẹ́ rẹ̀, kí o sì kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ pé ìwọ ni o túmọ̀ rẹ̀. Bàbá fúnra wọn ni kí ó buwọ́ lu méjèèjì, irú ìbuwọ́lùwé tí ó wà ní báńkì gan-an. Èmi ni mo buwọ́ lu Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ lórúkọ ìyá mi, ìyẹn náà sì wà lára ohun tí ọ̀gá ẹ̀ka náà fi bá mi wí. Ní 12 Oṣù Kejìlá, tí ó fi ọjọ́ kan ju èyí tí a dá fún wọn lọ, fóònù ìyá mi dún, 20,000 náírà sì wọlé. Wọn kò kọ lẹ́tà kankan sí wa mọ́.